Abọ́ Kékeré Tó Ń Ṣíwájú Orúkọ Mi

Ọdún mẹ́wàá gbáko ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ní kí n dìde kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Màá tún gèlè ṣe, màá dúró ṣánṣán, màá ní: "Orúkọ mi ni lágbájá. Èmi ni igbákejì olórí ẹ̀ka àyẹ̀wò àti àmójútó omi ní ilé-iṣẹ́ báyìí." Wọn á pàtẹ́wọ́ díẹ̀, màá jókòó, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kàn. Kò sí irọ́ kankan nínú gbólóhùn yẹn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún mẹ́wàá náà, n kò rántí ẹnì kan tó tẹ̀ lé mi jáde láti béèrè nǹkan kan nípa iṣẹ́ mi, àfi bàbá kan tí mo pàdé lọ́jọ́ Sátidé kan ní Òkè-Fíà, níhìn-ín ní Òṣogbo.

Ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kéékèèké ni. Àwa bí ogún la wà níbẹ̀, alága sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Bó ṣe ń lọ nìyí: orúkọ, ipò, ilé-iṣẹ́, orúkọ, ipò, ilé-iṣẹ́. Nígbà tó fi máa kàn mí, àwọn kan ti ń wo fóònù, ìyá kan níwájú ń tú ọ̀rá búrẹ́dì. Mo sọ tèmi, mo jókòó.

Aláró kan ló dìde lẹ́yìn mi. Ó kí ilé dáadáa, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún àwọn àgbà, lẹ́yìn náà kò dárúkọ ara rẹ̀. Ńṣe ló na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ padà sílẹ̀, ó ní: "Ẹ wo èékánná mi." Gbogbo wa wò ó. Ó dúdú bí ojú ọ̀run tí òjò fẹ́ rọ̀ sí, láti ìdí èékánná dé orí rẹ̀. Ó ní, "Ọdún méjìlélógún ni aró ti wà níbẹ̀. Ọṣẹ kì í mú un kúrò, ìdí nìyẹn tí kì í fi í kúrò lára aṣọ tí mo bá rẹ fún yín náà." Ìgbà yẹn ló tó wá dárúkọ, ó sọ ibi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà, ó jókòó. Bóyá ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà fi gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń tú búrẹ́dì ti gbàgbé búrẹ́dì.

Nígbà tí ìpàdé tú, àwọn ènìyàn yí aláró ká, wọ́n ń di ọwọ́ rẹ̀ mú wò. Èmi ń kó ìwé mi sínú báàgì. Bàbá tí mo ní mo pàdé yẹn wá bá mi, inú mi dùn. Ó ní, "Màdáámù, èló lẹ ń ta àpò omi yín?"

Ó rò pé omi inú ọ̀rá ni mò ń tà. Mo ṣàlàyé fún un pé n kì í ta omi, àyẹ̀wò rẹ̀ ni mò ń ṣe. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó lọ.

Nígbà tí òjò ọdún náà ti ń rọ̀ wọlé dáadáa, mo tún rí bàbá yìí ní Ọláìyá níbi tí a ti jọ ń dúró de ọkọ̀. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ ló sọ pé inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ òun méjì gbádùn, wọ́n ti ra oògùn lẹ́ẹ̀mejì, bó bá lọ á tún padà wá. Mo béèrè omi tí wọ́n ń mu. Kànga ni, ẹ̀yìn ilé ló wà, aládùúgbò sì ti gbẹ́ ṣáláńgá sí ìdí ọgbà lódì kejì. Mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn. Ohun tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí nìyẹn." Bàbá wo ojú mi. Ó ní, "Rárá o, màdáámù. Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀."

Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ tán ni ọ̀rọ̀ yẹn wá ń dùn mí. Lóòótọ́, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ "àmójútó omi". Èdè inú ọ́fíìsì ni. Lọ́dọ̀ àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní ìtumọ̀: a mọ ẹni tó wà lókè igbákejì olórí ẹ̀ka, a mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a mọ fáìlì tó ń dé orí tábìlì rẹ̀. Bàbá kò mọ ìkankan nínú ìyẹn, kò sì yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo tó dá mọ̀ nínú gbogbo gbólóhùn mi ni "omi", òun náà ló dì mú, ó wá fi ohun tó mọ̀ nípa omi parí ìyókù fúnra rẹ̀.

Mo wá ń ronú pé àwa Yorùbá ni kò yẹ ká ṣì í ṣe. Ẹni tó ń polówó àgbàdo kì í kígbe pé "Èmi ni olùtajà àgbàdo láti ọjà báyìí". "Láńgbé jinná o!" ló ń ké, itọ́ á sì ti dé ẹnu rẹ kí o tó mọ ẹni tó gbé igbá. Àlọ́ àpamọ̀ náà ńkọ́? "Awẹ́ obì kan, à jẹ dé Ọ̀yọ́." Bí ẹni tó ń pàlọ́ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ahọ́n ni, inú ẹnu ló ń gbé", ta ló máa jókòó tì í? Ohun tí kò bára mu ló kọ́kọ́ ń gbé sílẹ̀: awẹ́ obì tí ènìyàn ń jẹ láti ibí dé Ọ̀yọ́ tí kò tán. Ọkàn á lọ síbẹ̀, á máa wá ibi tí òun máa fi dì í, ìgbà yẹn ni ìdáhùn tó wúlò. Ohun tí aláró ṣe nìyẹn. Èékánná dúdú lára obìnrin tó múra dáadáa kò bára mu, ó sì dáhùn rẹ̀ kó tó rẹ ẹnikẹ́ni.

Mo jókòó láti wá tèmi. Kò yá bí mo ṣe rò.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni: "Ṣé ẹ mọ̀ pé omi kò lọ́tàá?" Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nínú ilé ìdáná rẹ̀ bó ṣe ń ṣa ẹ̀fọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀." Mo wá rí i pé ọlọ́kọ̀ omi lè sọ ọ́, ẹni tó ń gbẹ́ bọ́hòlù lè sọ ọ́, oníwàásù lè fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní ìwọ̀n kan tí mo fi ń wọn gbólóhùn àkọ́kọ́: bí ẹlòmíràn tí kì í ṣe iṣẹ́ mi bá lè yá a lò láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, kì í ṣe tèmi.

Èkejì ni: "Ẹ̀mí ènìyàn ni mò ń gbà là." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dókítà ni ẹ́ báyìí?" Ó tóbi ju ẹnu mi lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n bóyá òótọ́ ni, bó bá sì ti ń wọ̀n ọ́n, kò gbọ́ ìyókù mọ́.

Ẹ̀kẹta ló ṣe mí léṣe. Wọ́n pè mí sí ìpàdé àwọn onílé àdúgbò kan, mo sì rò pé kí n là á mọ́lẹ̀. Mo kí wọn, mo ní: "Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìgbẹ́ wà nínú omi tí ẹ ń mu." Ilé pa rọ́rọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú ilé alága la ti ń ṣe ìpàdé, omi kànga rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe wá lálejò, ife ṣì wà níwájú wa. Ojú alága yí padà. Ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé àwo bọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan ní, "Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò ni?" N kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń sọ̀rọ̀ nípa kànga tí n kò rí rí, mo fi tàbùkù ẹni tó gbà mí lálejò. Mo dọ̀bálẹ̀ ọ̀rọ̀ títí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà lọ́tọ̀, àmọ́ wọn kò pè mí sí àdúgbò yẹn mọ́. Gbólóhùn tó bá mú kí ènìyàn máa gbèjà ara rẹ̀ á mú kí ó tẹ́tí sí ẹ lóòótọ́, àmọ́ ibi tó ti máa rí ọ mú ló ń wá.

Èyí tí mo ń lò báyìí, orí tábìlì iṣẹ́ mi ni mo ti rí i, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí n kò tilẹ̀ ń ronú nípa ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí a ń ṣe, kó lè yé yín. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó ti inú ìgbẹ́ wá wà nínú omi, mílílítà 100 la máa ń wọ̀n, bí ife tíì kékeré kan. A máa sẹ́ ẹ gba orí bébà róbótó kan tí ihò rẹ̀ kéré débi pé omi á kọjá, kòkòrò kò ní lè kọjá. A ó gbé bébà yẹn sínú abọ́ kékeré olómorí tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, a ó sì gbé abọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń móoru. Ooru ara ènìyàn kò ju 37 lọ lórí òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n 44 la máa ń gbé ẹ̀rọ náà sí, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ lásán kò lè gbèrú nínú ooru yẹn, àwọn tó ti mọ́ra pẹ̀lú ìfun ló lè gbà á. Bó bá di ọjọ́ kejì, kòkòrò kọ̀ọ̀kan tí ojú kò lè rí lánàá á ti bí sí i títí á fi di àmì kan tí ojú rí, kò ju orí ìṣó kékeré lọ, ó pọ́n bí ìyeyè. A ó kà wọ́n. Nínú omi mímu, òdo ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ yẹn, mo ṣí ọ̀kan, mo kà á, ó jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Mo yí ojú wo ìgò tí ìyókù omi náà wà. Ó mọ́ gaara. Èèyàn lè fi ka ìwé. Mo dúró síbẹ̀, mo ní, ohun tí mò ń wá rèé: omi tó mọ́, àmì mẹ́tàdínlógún.

Síbẹ̀ náà, nígbà tí mo kọ ọ́ sílẹ̀, ó gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bébà wà níbẹ̀, oúnjẹ kòkòrò wà níbẹ̀, 44 wà níbẹ̀. Ìdí 44 yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ mi, ó sì nira fún mi láti yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbà mí. Mo ń kà á fún un, nígbà tí mo dé "àmì mẹ́tàdínlógún", ó dá mi dúró, ó ní, "Àmì kí ni?" Èmi ṣì ń ṣàlàyé ẹ̀rọ. Ó ní, "Àmì kí ni, jàre?" Ibẹ̀ ni mo gé e sí. Gbogbo ohun tó wà láàárín ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi àti ìdáhùn rẹ̀, mo pa á rẹ́. Mo tún kà á fún ọmọkùnrin àbúrò mi, òun náà béèrè níbẹ̀. Ibi tí ẹni méjì bá ti dá mi dúró, ibẹ̀ ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ bọ́ sí, kì í ṣe ibi tó wù mí.

Bó ṣe wá rí nìyí:

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bu omi kànga kan. Ó mọ́ gaara, kò rùn, kò ní ìdọ̀tí. Mo sẹ́ ẹ sínú abọ́ kékeré kan, mo tọ́jú rẹ̀ síbi tó móoru mọ́jú. Nígbà tí mo ṣí i, àmì mẹ́tàdínlógún ti hù síbẹ̀, ó pọ́n bí ìyeyè. Irú kòkòrò tó máa ń gbé inú ìfun ni wọ́n. Èmi ni mo máa ń ka àwọn àmì yẹn. Orúkọ mi ni lágbájá. Ẹni tí kànga rẹ̀ bá wà nítòsí ṣáláńgá tàbí sókàwéè, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Ilé-iṣẹ́ báyìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

Kò pé ìṣẹ́jú kan. Ilé-iṣẹ́ mi ṣì wà níbẹ̀, ìparí ló wà, nítorí pé ìgbà tí ẹnì kan bá ti fẹ́ rí mi ló tó nílò ibi tó ti máa rí mi. Ipò igbákejì olórí ti jáde pátápátá, kò sì sí ẹni tó béèrè rẹ̀ rí.

Ibi tí mo ti máa ń ṣubú ni lẹ́yìn "ó pọ́n bí ìyeyè". Àyà máa ń já mi níbẹ̀, mo sì máa ń fẹ́ sáré dé orúkọ mi. Mo ti kọ́ láti mí síta lẹ́ẹ̀kan kí n tó ṣí ẹnu. Bí ohun kan bá máa jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn, ìgbà yẹn ló ń jáde: "Hẹ̀n?" tàbí "Àmì báwo?" Bí mo bá gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé a jọ wà níbẹ̀. Bí ilé bá dákẹ́ tí ojú sì wà nílẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti yára jù tàbí pé ohùn mi kò dé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìpàdé pàápàá, ìbéèrè wọn ń sọ fún mi. Bí wọ́n bá ní, "Ibo lẹ ní ẹ ti ń ṣiṣẹ́?" tí wọ́n sì dákẹ́, kò wọlé. Bí wọ́n bá ní, "Kànga tiwa ńkọ́, ó ti pẹ́ tí a ti gbẹ́ ẹ," ó ti wọlé.

Mẹ́tàdínlógún yẹn, inú ìwé àkọsílẹ̀ mi ló wà. Bó bá jẹ́ pé oṣù tó kọjá ni, n kì í sọ pé lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kì í dárúkọ ẹni tó ni kànga, n kì í sì í dárúkọ àdúgbò, nítorí pé ní Òṣogbo, bí o bá ní kànga kan lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí báyìí, kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ti mọ ilé. Bí mo bá wà níwájú àwọn tó ń ta oúnjẹ ní Ìgbọ̀nà, omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí mo bá ti yẹ irú rẹ̀ wò lóòótọ́. Abọ́ kékeré náà ni, ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé ló yàtọ̀.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló gbà á. Mo jókòó níwájú ìgbìmọ̀ kan rí fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ara mi, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi kànga. Ẹni tó jókòó láàárín gbé bírò sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ àti ipò yín kọ́kọ́." Fọ́ọ̀mù ló wà níwájú rẹ̀, àpótí àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ló sì ń gbìyànjú láti kún. Ó tọ̀nà. Ibi tí wọ́n bá ti ń kọ orúkọ sílẹ̀, mo máa ń fún wọn ní orúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni níwájú àwọn àgbààgbà ìlú: kí wọ́n tó gbọ́ nípa omi, wọ́n á fẹ́ mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ àti agbo ilé tí mo ti wá. Níbẹ̀, orúkọ bàbá mi ló ń ṣí etí wọn, abọ́ kékeré á dúró de ìgbà tí wọ́n bá ní, "Ó dáa, kí lo wá ń ṣe?"

Lóṣù tó kọjá, mo ń ra èlùbọ́ ní Ìgbọ̀nà, ìyá kan tí n kò mọ̀ rí ń wò mí láti ìsọ̀ kejì. Ó fọwọ́ kan ẹnì kejì rẹ̀, mo sì gbọ́ ohun tó sọ: "Ìyá tó ń ka àmì inú omi nìyẹn." Kò mọ orúkọ mi, kò mọ ilé-iṣẹ́ mi. Ẹnì kejì yẹn dìde, ó ní òjò ti wọ kànga àwọn láti ìdí, ṣé òun lè bù ú wá fún mi lọ́la nínú ike òróró. Mo ní kó má bù ú, nítorí ike òróró lásán lè ní kòkòrò tirẹ̀ nínú; kó fi ọ̀nà ilé hàn mí, èmi ni màá gbé ìgò tí a ti sè àti kúlà oníyìnyín wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí omi náà lè dé orí tábìlì mi lọ́jọ́ kan náà. Ó ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni, kí n béèrè ilé ìyá ìbejì.